Ẹnu wétà ló ń pe oníbàárà padà: Ohun tí ìyá kan ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ n'Íbàdàn

Àwọn àgbà ló sọ ọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, ẹ lọ jókòó sí ilé oúnjẹ kan lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà táwọn èèyàn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ kàn máa fetí sí ohun tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ ń bá oníbàárà sọ. Oúnjẹ lè dára, àga lè rọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù sì lè máa fẹ́ yẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ tó wá béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ bá dúró gbagidi bíi sójà, tó wá ní, "Kí lẹ fẹ́?", ibẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyá kan wà n'Íbàdàn tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká lára tipẹ́. Ó lé lógún ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Orí àwo fífọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gbé oúnjẹ, ó di ọ̀gá àwọn tó ń gbé oúnjẹ, kó tó fẹ̀yìn tì. Kò fẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ òun síta, ó ní iṣẹ́ òun ni kí wọ́n mọ̀. Mọ́mì làwọn ọmọ tó ń kọ́ ń pè é, Mọ́mì náà la óò máa pè é níbí.

Lọ́dún 2023, ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ní Bódìjà ránṣẹ́ pè é. Ẹjọ́ tí ọkùnrin náà rò ni pé àwọn èèyàn ń wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í padà wá, àti pé ohun mímu tóun kó sínú fíríìjì kì í tà. Mọ́mì kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi lọ jókòó síbẹ̀ bí oníbàárà, tó ń jẹun, tó sì ń gbọ́. Ohun tó gbọ́ rèé.

Oníbàárà kan béèrè pé, "Kí lẹ ní?" Wétà dáhùn láì mí, "Ìrẹsì, àmàlà, iyán, ẹ̀bà, sẹ̀mó." Oníbàárà ní, "Ọbẹ̀ tí mo rí lórí tábìlì àwọn yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe rí?" Wétà ní, "Ó dùn, mà." Ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Wétà ní, "Ẹran ni, mà." Ó ní, "Ṣé ó ta?" Wétà ní, "Kò ta púpọ̀, mà." Ìgbà tí obìnrin náà fi máa jẹ ẹ́ dé ìdajì, omijé ti ń bọ́ lójú ẹ̀. Wétà wá dé, ó ní, "Ṣé ẹ máa mu nǹkan?" Obìnrin yẹn ní rárá, ó sanwó, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mọ́mì ní kì í ṣe pé ọmọ yẹn ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó fi "mà" sí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó tiẹ̀ tún kúnlẹ̀ díẹ̀. Ohun tí kò ní ni ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí. Mọ́mì bá lọ sílé, ó fa ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ̀wé yọ, ó sì kọ ojú ewé mẹ́rin. Ìwé ọ̀rọ̀ ẹnu ló pè é. Yorùbá ló fi kọ ọ́, ó ní bí wọ́n bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lédè tí wọ́n fi ń lálàá, òyìnbó ẹ̀ kò ní í ṣòroó sọ.

Òfin àkọ́kọ́ tó wà lójú ewé kìíní ya gbogbo wọn lẹ́nu. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé oúnjẹ kan dùn. Ó ní "ó dùn" kì í ṣe ọ̀rọ̀ wétà, ọ̀rọ̀ oníbàárà ni, ẹni tó jẹ ẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Dípò ìyẹn, ohun mẹ́rin ni wétà máa sọ, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ló sì máa sọ wọ́n: kí ni oúnjẹ náà, kí ni wọ́n fi sè é, báwo ló ṣe máa rí lẹ́nu, kí ló ń bá a wá àti iye tó jẹ́. Kò gbọ́dọ̀ ju èémí mẹ́ta lọ.

Àpẹẹrẹ tó kọ síbẹ̀ ni ti ìrẹsì ọ̀fadà. Ó ní kí wétà sọ pé: "Ìrẹsì ọ̀fadà ni, mà, ìrẹsì ilẹ̀ wa tí wọn ò gé àwọ̀ ara ẹ̀ tán. Ọbẹ̀ ayamáṣe ló ń bá a wá, tàtàṣé tí kò tí ì pọ́n la fi sè é, pẹ̀lú irú àti epo pupa tá a yọ́ lórí iná títí tí àwọ̀ ẹ̀ fi ṣí. Ó ta dáadáa. Ẹyin kan, ṣàkì àti pọ̀nmọ́ wà nínú ẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni."

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó wà níbẹ̀ lásán. Ó dárúkọ irú nítorí pé òórùn irú wà tí àwọn kan kì í fẹ́ rí sójú, kí wọ́n sì mọ̀ kí àwo tó dé. Ó dárúkọ pọ̀nmọ́ àti ṣàkì nítorí pé ẹni tó bá rò pé ẹran pupa lòun máa bá níbẹ̀ máa bínú. Ó sọ iye owó kí oníbàárà tó béèrè, torí ojú ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn láti béèrè níwájú àlejò tí wọ́n mú dání. Èyí tó ṣe kókó jù ni "ó ta dáadáa", ọ̀rọ̀ yẹn ló sì dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Mọ́mì àti ọ̀gá ilé oúnjẹ.

Ìdí ni pé Mọ́mì ní kò sí wétà tó máa sọ bí ọbẹ̀ ṣe ta bí kò bá tọ́ ọ wò. Ó ní láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n bu abọ́ kékeré kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú mú ṣíbí tiẹ̀, kó tọ́ ọ wò. Ọ̀gá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, ṣé kí n máa fi ohun tí mo fẹ́ tà bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni?" Mọ́mì ní, "Ọ̀gá, ẹni tí kò tọ́ ọ wò, irọ́ ló máa pa fún oníbàárà yín. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan ni, ṣé ẹ rò pé ìyẹn wọ́n ju oníbàárà kan tó lọ tí kò padà wá lọ?" Ọ̀gá dákẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́ ọ wò lọ̀rọ̀ hàn. Ọbẹ̀ kan náà ni o, ọmọkùnrin kan ní kò ta rárá, ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti ń wá omi kiri. Bí ọmọkùnrin yẹn bá ń fi ahọ́n tara ẹ̀ dá oníbàárà lóhùn, àánú oníbàárà yẹn á ṣeni. Mọ́mì wá fún wọn ní ìwọ̀n mẹ́ta péré: kò ta, ó ta díẹ̀, ó ta dáadáa. Ó ní bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ṣọ̀kan lórí ọbẹ̀ kan, ẹni tí ata tètè ń ta jù láàárín wọn ni wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀. Oníbàárà tí wọ́n sọ fún pé ó ta, tó wá rí i pé kò ta tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ló máa rín. Èyí tí wọ́n sọ fún pé kò ta, tí ẹnu ẹ̀ wá ń jó, kò ní í rẹ́rìn-ín.

Ojú ewé kan náà ni ọ̀rọ̀ edé wà, ibẹ̀ kò sì gba àwàdà. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í gba edé. Bó bá ti kan ẹnu wọn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì, ètè á wú, ara á máa yún wọn, á sé wúlewúle, tó bá le, ọ̀nà ọ̀fun á há, wọn ò sì ní í lè mí dáadáa. Ìyẹn lè pa èèyàn. Mọ́mì rí ọ̀kan nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin kan béèrè lọ́wọ́ wétà bóyá edé wà nínú ẹ̀fọ́ rírò. Wétà yọjú wo inú abọ́, kò rí edé kankan, ló bá ní kò sí. Lílọ̀ ni wọ́n lọ edé náà, ó ti kúnná bíi gàrí, ó sì ti wọnú ọbẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n gbé obìnrin yẹn lọ lọ́jọ́ náà. Orí yọ ọ́.

Látọjọ́ náà ni Mọ́mì ti sọ ọ́ dòfin pé bí oníbàárà bá béèrè bóyá nǹkan kan wà nínú oúnjẹ, wétà kò gbọ́dọ̀ wo abọ́, kò gbọ́dọ̀ sọ pé "mi ò rò bẹ́ẹ̀". Ọ̀rọ̀ kan ló wà fún un: "Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sè é, mà." Kó lọ ni o, kó má kàn yí ẹ̀yìn tábìlì po. Bó bá sì jẹ́ pé edé wà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ní ká ṣà á kúrò, torí omi ẹ̀ ti wà nínú ọbẹ̀, ìgbákọ kan náà sì ni wọ́n fi ń rokà ọbẹ̀ méjèèjì nígbà mì-ín. Ó ní ẹ̀fọ́ rírò, mọ́ínmọ́ín àti ìkọ́kọrẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, torí ibẹ̀ ni edé máa ń fara pamọ́ sí jù.

Ojú ewé kejì ni ti ohun mímu. Ọ̀gá ti ń retí ibẹ̀, torí ibẹ̀ lowó wà. Mọ́mì ní ohun tó ń ba ohun mímu jẹ́ ni ìbéèrè táwọn wétà ń béèrè. Bẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé, "Ṣé ẹ máa mu nǹkan?", rárá ló rọrùn jù láti fi dáhùn. Ó ní kí wétà dárúkọ nǹkan méjì, kó sì sọ ìdí tó fi dárúkọ wọn. Bí oníbàárà bá ti sọ pé ayamáṣe lòun fẹ́, kí ó ní: "Ayamáṣe yẹn ta o, mà. A ní fúrá tútù tó máa rọ ata náà lẹ́nu, a sì ní sóbò tí a fi atalẹ̀ sí. Èwo ni kí n gbé wá?" Kó sì pa ẹnu dé. Ó ní ìpanudé yẹn ló máa ń le jù fún wọn láti kọ́. Àwọn ọmọ a máa bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á wá máa ka gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì. Bí oníbàárà bá ní òun ò fẹ́, "Kò burú, mà" ni, ó parí, kò tún gbọ́dọ̀ béèrè mọ́ títí wọn óò fi jẹun dé ìdajì.

Kì í ṣe pé Mọ́mì kàn fi fúrá síbẹ̀ lásán. Ohun tó ń jó èèyàn lẹ́nu nínú ata, omi kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Omi tútù á jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti gbé e mì tán, ó tún padà dé. Ọ̀rá ló ń bá a lọ, wàrà sì ní ọ̀rá nínú, ó tún ní èròjà mì-ín tó ń gbá ata náà kúrò lára ahọ́n. Ohun mímu tó ń hó, bíi mínírà àti bíà, ńṣe ni yóò tún máa gún ibi tó ti ń ta tẹ́lẹ̀. Wétà tó bá mọ èyí kò ní í gbé bíà ka iwájú ẹni tí omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, kó wá máa ní kó mu ún kó fi tura.

Ọ̀rọ̀ Ṣápúmáànù wá ni èyí tí ọ̀pọ̀ wétà kò mọ̀. Gbogbo ayé ló mọ ohun mímu pupa yẹn, tí wọ́n ń gé kùkúḿbà àti òroḿbó sí. Wọ́n á po Fáńtà mọ́ Sípíráìtì, wọ́n á fi omi dídùn pupa sí i, wọ́n á wá kán Àngọ́sítúrà sí i níwọ̀nba. Nítorí pé mínírà pọ̀ níbẹ̀, wétà á sọ fún Àláàjì tó jókòó pé kò sí ọtí nínú ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àngọ́sítúrà yẹn lágbára ju wáìnì lọ dáadáa, ọtí inú ẹ̀ lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni pé ìkán díẹ̀ ló ń wọ ife, kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Àláàjì kò béèrè bóyá ó máa pa òun, ó béèrè bóyá ọtí wà níbẹ̀. Ohun tí Mọ́mì kọ síbẹ̀ ni: "Ìkán ọtí díẹ̀ máa ń wà nínú ẹ̀, sà. A lè ṣe tiyín láì fi sí i." Ó ní ó ti tó ìgbà mélòó kan tí oníbàárà dìde nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, tó wá bọ ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké mì-ín wà níbẹ̀. Ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń ṣí ìgò, wọn kì í ṣí i wá láti káńtà, kí ẹni tó fẹ́ mu ún lè rí i pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan inú ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹmu ni, kí wétà sọ ìgbà tó dé, torí ẹmu àárọ̀ dùn, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, agbára ẹ̀ sì ti le. Ẹni tó mu ife méjì láàárọ̀ lè rò pé ife méjì ìrọ̀lẹ́ náà bákan náà ni.

Ojú ewé kẹta, àṣẹ̀ṣẹ̀rẹ́rìn-ín nibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ló fi parí fún ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ní ilé oúnjẹ kan tí Mọ́mì ti ṣiṣẹ́ rí, wétà kan wà tó ń fẹ́ ṣe dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni kan mú obìnrin kan wá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n mu wáìnì pupa, ó sì fún wétà lówó ọwọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọ̀gbẹ́ni náà tún dé, tòun tìyàwó àti ọmọ méjì. Wétà rí i, inú ẹ̀ dùn, ó sáré pàdé wọn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà! Ṣé wáìnì pupa tí Mọ́mì mu lọ́jọ́ Ẹtì yẹn náà ni kí n gbé wá?" Ìyàwó yẹn wojú ọkọ, ọkọ wojú wétà. Kò sẹ́ni tó jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni yẹn padà wá nírọ̀lẹ́ láti bá ọ̀gá jà, wọ́n sì lé ọmọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mọ́mì ní ẹjọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn kò kan òun, tọkọtaya ló mọ èyí tí wọ́n jọ ń sọ. Ohun tó kan òun ni pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ yẹn. Òfin ibẹ̀ ni pé ohun tó wà lórí tábìlì lónìí nìkan ni kí wétà fi dábàá ohun mímu. Kó má sọ pé "bíi tàná", kó má sọ pé "bí ẹ ṣe máa ń mu ún". Bí oníbàárà bá fúnra ẹ̀ sọ pé kó gbé èyí tóun máa ń mu wá, ó di ọ̀rọ̀ mì-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbọ́dọ̀ pe obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin ní "ìyàwó yín", tàbí kó pe ọkùnrin ní "ọkọ yín". Ó lè jẹ́ àbúrò, ó lè jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́. "Mà" àti "sà" kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà rí.

Ojú ewé kẹrin kúrú. Kí wétà ka ohun tí wọ́n béèrè padà fún wọn, pẹ̀lú iye owó ohunkóhun tí iye ẹ̀ kò dúró sójú kan. Ẹja tútù tí oníbàárà nawọ́ sí nínú omi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bó ṣe tóbi tó lowó ẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó, bí wọ́n bá sì ti pa á, kò ṣe é dá padà sómi.

Nígbà tí wọ́n ka ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, Mọ́mì ní kí wọ́n ṣeré ẹ̀. Òun àti ọ̀gá pẹ̀lú obìnrin tó ń dáná jókòó bí oníbàárà. Ọ̀gá ni Àláàjì, aláṣè ni ìyàwó ẹ̀, Mọ́mì wá ni ọmọ wọn tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, ni wọ́n ní kó wá gbé oúnjẹ fún wọn.

Ó dé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà. Omi tútù ni kí n kọ́kọ́ gbé wá ni, àbí èyí tí kò tutù?" Àláàjì ní èyí tó tutù. Ó gbé e wá, ó ṣí i lójú wọn. Mọ́mì wá na ìka sí ìwé oúnjẹ, ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè ní àbùlà?"

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àmàlà ni, èlùbọ́ iṣu la fi rò ó, ó rọ̀, ó sì dúdú díẹ̀. Ọbẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀: gbẹ̀gìrì tá a fi ẹ̀wà tí a bó sè, ewédú tó ń fà, àti ọbẹ̀ ata. Ó ta díẹ̀. Ẹran méjì ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni."

Mọ́mì ní, "Ara mi kì í gba edé o." Ọmọ náà ṣí ẹnu, ó fẹ́ sọ pé kò sí, ó bá pa á dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sè é, mà." Ó yíjú sí aláṣè tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n aláṣè kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́, edé wà nínú ewédú. Mo máa ń lọ̀ ọ́ sí i." Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wétà yẹn tó mọ̀ ọ́n láti oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti ń gbé e fún èèyàn jẹ.

Ibi tí ọmọ náà ti ṣìnà ni ohun mímu. Àláàjì ní òun ò mọ èyí tóun fẹ́. Ọmọ náà ní, "Ẹ gba èyí tó wọ́n jù yìí, sà, òun ló bá irú yín mu." Mọ́mì dá eré dúró. Ó ní, "Bí kò bá wá ní owó ẹ̀ lápò ńkọ́? Níwájú ìyàwó, níwájú ọmọ tó ti òkè òkun dé, o ti fi sí ipò tó ní láti sanwó ohun tí kò fẹ́, tàbí kó di ẹni tí kò tó. Bó bá sanwó náà, kò ní í padà wá." Ọmọ náà tún un sọ: "Sóbò wà, sà, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Máọ́tì náà wà, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Èwo ni kí n gbé wá?" Ó pa ẹnu dé. Àláàjì ní kó gbé sóbò wá. Ọ̀gá gbàgbé pé eré ni, ó mu ún tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀gá fẹ́ kí wétà kọ̀ọ̀kan máa ta ìgò wáìnì méjì lálẹ́, kẹ́ni tí kò bá tà á máa sanwó nínú owó oṣù ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ ti pa ìwé tì. Wọ́n ń dúró ti tábìlì, wọ́n ń dárúkọ wáìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwọn oníbàárà sì ti ń da ojú ìwé oúnjẹ délẹ̀, wọ́n ń wo fóònù wọn. Mọ́mì ní àmì tó dájú jù nìyẹn. Bí oníbàárà bá ti ń wo fóònù nígbà tí wétà ń sọ̀rọ̀, wétà yẹn ti di olórin tó ń fi ìlù dí èèyàn lọ́nà lójú àgbò.

Ó lọ bá ọ̀gá. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu tí mo kọ́ wọn kò lè ṣiṣẹ́ lẹ́nu ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹni tó mọ̀ pé wọn ó gé owó òun, ara ẹ̀ ló ń wò, kì í wo oníbàárà." Wọ́n jọ fà á, ọ̀gá kò fẹ́ gbà. Níkẹyìn, wọ́n yanjú ẹ̀ sí pé kò ní í sí gígé owó mọ́, ṣùgbọ́n iye tí ohun mímu bá lé ní ti oṣù tó kọjá, wọ́n máa yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló sì máa pín in, títí kan aláṣè àti ẹni tó ń fọ àwo. Ọ̀gá kò gba ohun gbogbo tí Mọ́mì fẹ́ o. Ó dín ìtọ́wò àárọ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ní gáàsì wọ́n. Mọ́mì ní ìyẹn náà sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọn ò bá tọ́ ọ wò, kí wọ́n lọ béèrè bí ọbẹ̀ ṣe ta lọ́wọ́ aláṣè.

Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ sókè yẹn ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé báyìí. Wọ́n ní ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ fún wọn kò sí nínú ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó máa ń ní kí wọ́n lọ bá aláṣè ní kíṣìnì, kí wọ́n bi í pé kí ló ń lọ̀ sínú ewédú.